Fọ́ọ̀mù Tó Ń Jẹ Dátà: Ẹ Má Kàn Kọ “Kò Ṣiṣẹ́” Ránṣẹ́

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ránṣẹ́ sí dẹfẹ́lọ́pà nígbà tí fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá gbé dátà mì: “Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mù yẹn kò ṣiṣẹ́ o. Dátà wa ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó kíákíá.” Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, ìkánjú wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Dẹfẹ́lọ́pà á ṣí fọ́ọ̀mù náà, á kọ nǹkan sí ìlà márùn-ún, á tẹ bọ́tìnnì, á rí i pé gbogbo rẹ̀ wọlé, á sì dá yín lóhùn pé, “Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Kò parọ́. Ẹ̀yin náà kò parọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èrò tèmi rèé: ìròyìn àléébù kì í ṣe ẹ̀sùn, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ni, bí èyí tí a máa ń kọ ní yàrá ìwádìí. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní láti sọ ohun tó ṣe, ohun tó retí, ohun tó rí, àti ibi tí ohun tó rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí ohun tó retí. Kò pọn dandan kó mọ kóòdù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ibi tí nǹkan ti já gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn lè tọ́ka sí ohun tó fa àléébù náà tààrà. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, ká tú u palẹ̀ pátápátá.

Ilé 120 wọlé, 82 ló jáde

Ẹgbẹ́ ìwádìí kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ń kó dátà jọ nípa omi mímu ní àwọn abúlé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí 12: iye ènìyàn inú ilé, iye ọmọdé, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, bó ṣe jìnnà tó, iye kẹ́ẹ̀gì lóòjọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè fọ́ọ̀mù náà, àpótí mẹ́fà wà fún orúkọ abúlé, ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́, orúkọ ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Dẹfẹ́lọ́pà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ló kọ́ fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú PHP. A ti san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ sídìí iṣẹ́ ẹlòmíì, wákàtí tó bá sì fi bá wa tún nǹkan ṣe lẹ́yìn ìyẹn, owó ni.

Oṣù méjì ni fọ́ọ̀mù náà fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, torí abúlé kéékèèké la kọ́kọ́ lọ: ilé 30, ilé 45, ilé 60. Lẹ́yìn náà la dé abúlé ńlá kan tó ní ilé 120. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n tẹ “Fi Ránṣẹ́”, ojú ìwé náà sì fi àwọ̀ ewé dáhùn pé: “A ti gba fọ́ọ̀mù yín. Ẹ ṣé.” Nígbà tí a gbé dátà náà jáde láti fi ṣe ìṣirò, ilé 82 péré ló pé. Ìlà 83 wà níbẹ̀, àmọ́ àpótí mẹ́sàn-án péré ló ní nǹkan nínú. Láti ìlà 84 dé 120, òfìfo ni.

Ó dáa, kí lẹ máa kọ ránṣẹ́? Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ẹlòmíì ní dátàbéésì ti kún. Ẹ̀kẹta ní bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ti sú kó tó dé ìlà 84. Àbá ni gbogbo ìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rí. Tí ẹ bá fi àbá ránṣẹ́ bí ẹni pé òótọ́ ni, dẹfẹ́lọ́pà máa bá yín lé e kiri. Á yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò fún wákàtí méjì, ẹ máa sanwó wákàtí méjì, dátà á sì wà níbi tó sọnù sí. Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Bí a ṣe wá ibi tó ti já

Ohun àkọ́kọ́ ni pé a kò fi dátà gidi ṣe ìdánwò. A lo ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà tí dẹfẹ́lọ́pà ti ṣe sílẹ̀ fún ìdánwò, a sì fi àmì sí àpótí kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sínú àpótí kan jẹ́ àdírẹ́sì àpótí náà fúnra rẹ̀. Àpótí kẹsàn-án ní ìlà 83 gba 8309, àpótí kejìlá ní ìlà 120 gba 12012. Tí ẹ bá ti ṣe báyìí, kò ní sí pé ẹ ń méfò èwo ló sọnù, nítorí èyí tó bá kù máa sọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá mọ kóòdù díẹ̀ lè jẹ́ kí búráúsà fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, láti inú Console:

```
document.querySelectorAll('tr.ile').forEach((ila, i) =>
  ila.querySelectorAll('input').forEach((apoti, k) =>
    apoti.value = (i + 1) * 100 + (k + 1)));
```

Ohun kejì ni pípín sí méjì. Kí a lè mọ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí a máa dán ìlà 1, 2, 3 wò títí dé 120. A mọ̀ pé 120 kò pé, a wá dán 60 wò: ó pé. Àárín méjèèjì ni 90: kò pé. Àárín 60 àti 90 ni 75: ó pé. A dán 82: ó pé. 86: kò pé. 84: kò pé. 83: kò pé. Ìdánwò méje péré la fi dé ibẹ̀: 82 ni ìkẹyìn tó ń wọlé tán, 83 ni àkọ́kọ́ tó ń já. A tún 82 àti 83 ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, a fi búráúsà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe é, a fi dátà fóònù ṣe é, a tún fi Wáìfáì ṣe é. Èsì kò yí padà. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já kì í já sí àpótí kan náà lójoojúmọ́.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù, ìṣẹ́jú méjì péré ló sì ń gbà. Ṣé búráúsà fi dátà náà ránṣẹ́ ni, àbí kò tiẹ̀ fi ránṣẹ́ rárá? Lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá tẹ F12 nínú Chrome, ẹ máa rí `Network`. Ẹ fi àmì sí `Preserve log`, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ tẹ orúkọ ìbéèrè tó jáde, kí ẹ wá ṣí `Payload`. Gbogbo ohun tó kúrò lọ́wọ́ búráúsà yín ló wà níbẹ̀, ní orúkọ àti iye. A wá 12012 níbẹ̀, a rí i. A sì rí àpótí kan tó fara pa mọ́ lókè pátápátá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `token`, tí a kì í rí lójú fọ́ọ̀mù. Èyí fi hàn pé búráúsà kò jẹ̀bi. Dátà náà kúrò nílé ní pípé, ẹ̀yìn ìyẹn ló sọnù.

Ìwádìí wa parí síbẹ̀. A kò tíì mọ ohun tó fà á, kò sì pọn dandan kí a mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn náà gan-an

Ohun tí a fi ránṣẹ́ rèé. A kọ ọ́ sínú ímeèlì, a sì fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà méjì tì í lẹ́yìn.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù omi ni.*

*Àkọlé: Tí ilé bá ti ju 82 lọ, ìparí fọ́ọ̀mù máa ń sọnù, síbẹ̀ ó ń sọ pé òun ti gbà á.*

*Ohun tí a ṣe: A ṣí fọ́ọ̀mù ìdánwò, a kọ nǹkan sí àpótí mẹ́fà tó wà lókè, a fi ìlà 83 kún un, a tẹ àdírẹ́sì àpótí kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ (ìlà 83, àpótí 9 jẹ́ 8309), a sì tẹ “Fi Ránṣẹ́”.*

*Ohun tí a retí: Kí ìlà 83 wọlé, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí 12.*

*Ohun tí a rí: Ìlà 1 sí 82 wọlé tán. Ìlà 83 gba 8301 sí 8309 nìkan. 8310, 8311 àti 8312 kò sí. Ojú ìwé sọ pé “A ti gba fọ́ọ̀mù yín”. Nínú `Network`, ìdáhùn jẹ́ 200.*

*Ibi tó ti já: Ìlà 60, 75 àti 82 ń wọlé tán. 83, 84, 86, 90 àti 120 kò wọlé tán. Ojú kan náà ló ń já sí nínú gbogbo wọn, lẹ́yìn 8309.*

*Ohun tí kò yí i padà: Chrome àti Firefox, dátà fóònù àti Wáìfáì. A tún 82 àti 83 ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kọ̀ọ̀kan.*

*Ohun tí búráúsà fi ránṣẹ́: Nígbà tí a lo ìlà 120, 12012 wà nínú `Payload` (àwòrán 1). Àpótí méje ló wà níbẹ̀ ṣáájú ìlà 1, ọ̀kan jẹ́ `token`.*

*Ohun tó ti bàjẹ́: Abúlé kan lórí fọ́ọ̀mù gidi, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwé tí a kọ dátà náà sí wà lọ́wọ́ wa, a lè tún un tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, a kò tíì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú dátàbéésì.*

*Ohun tí a kò mọ̀: Ìdí rẹ̀.*

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí “ẹ ti ba iṣẹ́ wa jẹ́”. Kò sí “mo rò pé dátàbéésì ni”. Ẹni tó bá ka ìròyìn yìí lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó ṣe ohun tí a ṣe, kó sì rí ohun tí a rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. “Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi” kò ní ibi tó máa gbà wọlé mọ́, nítorí ìlà 83 máa já lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà. Gbólóhùn tó ní ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wa náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó jẹ́ kó mọ̀ pé kò sídìí láti sáré kó dátàbéésì gidi ṣí ní òru.

Ìṣirò tó tú àṣírí náà

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ìlà 82, àpótí 12 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 984. Ẹ fi mẹ́sàn-án tó wọlé ní ìlà 83 kún un, ó di 993. Ẹ wá fi àpótí méje tó ṣáájú kún un, títí kan èyí tó fara pa mọ́. Ó di 1000 géérégé.

Kò sí ẹni tó kọ́ PHP rí tó máa rí 1000 níbi báyìí tí kò ní fura. Ìdáhùn ẹ̀gbọ́n yìí kò gùn: “Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí i.” Nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, ìlà yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti tẹ abúlé ńlá náà:

```
Input variables exceeded 1000. To increase the limit
change max_input_vars in php.ini.
```

Òfin kan wà nínú PHP tó ń jẹ́ `max_input_vars`. Iye àpótí tí PHP máa gbà lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù kan ló ń sọ, 1000 sì ni iye tó máa ń wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Abúlé wa ní 120 lọ́nà 12, àti 7 lókè: àpótí 1447. PHP gba 1000 àkọ́kọ́, ó da 447 tó kù nù, ó kọ ìkìlọ̀ kan síbi tí a kì í wò, ó sì fi èyí tó gbà lé kóòdù wa lọ́wọ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kóòdù wa náà rí ìlà 83, ó tọ́jú u, ó sì ní ẹ ṣé. Ní ti 200 tí a rí, ó kàn ń sọ pé sáfà dáhùn, kò sì rí ohun tó kùnà ní tirẹ̀. Kò sọ pé dátà yín pé.

Ta ló fi 1000 síbẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bú PHP báyìí. Ẹ ní sùúrù. Ìdí gidi wà fún un, ó sì dùn ún gbọ́.

PHP máa ń fi orúkọ àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò kan kó lè mọ ihò tó máa gbé e sí, kó má baà máa wá a kiri nígbà tí kóòdù bá béèrè rẹ̀. Ìṣirò náà rọrùn. Á mú nọ́ńbà lẹ́tà àkọ́kọ́, á sọ ọ́ di ìlọ́po 33, á fi nọ́ńbà lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ méjì lè bọ́ sí ihò kan náà. Ẹ wo `Ez` àti `FY`. Nínú kọ̀ǹpútà, E jẹ́ 69, z jẹ́ 122: 69 lọ́nà 33 àti 122 jẹ́ 2399. F jẹ́ 70, Y jẹ́ 89: 70 lọ́nà 33 àti 89 jẹ́ 2399. Ọ̀kan náà ni! Tí ẹ bá wá so wọ́n pọ̀, `EzEz`, `EzFY`, `FYEz` àti `FYFY`, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bọ́ sí ihò kan. Tí ẹ bá so irú méjì yìí pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ẹ máa rí orúkọ 131,072 tó ń já sí ojú kan náà.

Nígbà tí ihò bá kún báyìí, PHP gbọ́dọ̀ fi orúkọ tuntun kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Orúkọ 1000 á gba bí ìfiwéra ìdajì mílíọ̀nù, èyí tí sáfà á ṣe kí ojú tó ṣẹ́. Orúkọ 100,000 á gba bílíọ̀nù márùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní ìkà lọ́kàn lè fi fọ́ọ̀mù kan dá sáfà dúró. Ní oṣù Kejìlá 2011, ní ìpàdé Chaos Communication Congress tó wáyé ní Bẹ̀líìnì, Alexander Klink àti Julian Wälde fi hàn pé ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ló ní àìlera yìí, PHP sì wà lára wọn. Ní oṣù Kìíní 2012, PHP 5.3.9 jáde pẹ̀lú `max_input_vars`.

Torí náà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni 1000 jẹ́, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ yìí ni pé kò pariwo. Tó bá lé gbogbo fọ́ọ̀mù náà padà, ká tún un ṣe. Ó gba ìdajì, ó sọ ìdajì nù, ó sì jẹ́ ká rò pé gbogbo rẹ̀ wọlé.

Kí ló burú nínú kí ilé 38 sọnù?

Ẹnì kan lè ní, “Ilé 82 ṣì pọ̀, ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò.” Rárá o! Ẹ rántí pé ìparí ló máa ń sọnù, ní gbogbo ìgbà. Àwọn olùbéèrè wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì, níbi tí bóhóòlù wà, wọ́n á sì máa wọ inú lọ. Ilé tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù ni ilé tó jìnnà jù sí omi.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tó rọrùn wò ó. Ká ní ilé àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 10 sí bóhóòlù, ìkejì 20, ìkẹta 30, títí dé ilé 120 tó jẹ́ mítà 1200. Ìpíndọ́gba gbogbo wọn jẹ́ mítà 605. Tí ẹ bá mú 82 àkọ́kọ́ nìkan, ìpíndọ́gba di mítà 415. Ká ní ilé 38 yẹn sọnù káàkiri láìtò ni, ìpíndọ́gba ì bá ṣì wà nítòsí 605. Àmọ́ bí àwọn tó jìnnà jù nìkan ṣe pòórá yìí, abúlé náà á dà bí èyí tí omi sún mọ́. Ẹni tó bá ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pinnu ibi tí bóhóòlù kejì máa wà á fojú fo àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ. Abúlé kéékèèké ò ní kàn án, abúlé ńlá nìkan ló máa kàn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àléébù tó ń dákẹ́ burú ju èyí tó ń pariwo lọ.

Àtúnṣe, àti ohun tó yẹ kí ẹ béèrè

Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá síni lọ́kàn ni kí a kàn sọ 1000 di 5000. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ pàkúté kan wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú kóòdù fọ́ọ̀mù báyìí:

```
ini_set('max_input_vars', 5000);
```

Kò ní ṣe nǹkan kan. Kí ìlà yẹn tó ṣiṣẹ́, PHP ti ka àpótí tán, ó sì ti da èyí tó kù nù. Inú `php.ini`, `.user.ini` tàbí `.htaccess` ló yẹ kó wà, ní bí sáfà bá ṣe rí. Àti pé lọ́jọ́ tí ẹ bá dé abúlé tó ní ilé 420, ẹ máa bá 5000 náà pàdé.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe sàn jù. Ó jẹ́ kí búráúsà di gbogbo ìlà pọ̀ sínú JSON kan, kó fi í ránṣẹ́ nínú àpótí kan ṣoṣo. Lójú PHP, àpótí kan nìyẹn, ìlà ì báà jẹ́ 10 tàbí 1000. Lẹ́yìn náà ló fi àpótí kan tó fara pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ rẹ̀ ni `opin`, iye rẹ̀ sì ni 1. Sáfà kò gbọdọ̀ tọ́jú ohunkóhun tí kò bá rí i:

```
if (($_POST['opin'] ?? '') !== '1') {
    http_response_code(422);
    exit('Fọ́ọ̀mù kò pé. A kò tọ́jú nǹkan kan.');
}
```

Tí ohun kan bá gé ìdí fọ́ọ̀mù, `opin` ló máa kọ́kọ́ lọ, fọ́ọ̀mù á sì pariwo. Ó tún fi àpótí kan tó ń ka iye ìlà sókè, kí sáfà lè fi wé iye tó rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún dẹfẹ́lọ́pà, ẹ béèrè méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bí wákàtí kan ni.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo fọ́ọ̀mù tó ń jẹ dátà ni 1000 ń bá jà. Bí dátà ṣe sọnù ló ń sọ ibi tó yẹ ká wò. Tó bá jẹ́ ìparí ló ń gé, ẹ ka àpótí bí a ṣe kà á yìí. Tó bá jẹ́ àpótí kan náà ló ń ṣófo ní gbogbo ìlà, ẹ kọ́kọ́ wo `Payload`: àpótí tí kò ní `name` nínú HTML, tàbí tó ní `disabled`, búráúsà kì í fi í ránṣẹ́ rárá. Tó bá sì jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ṣófo, pàápàá nígbà tí fáìlì ńlá bá wà nínú fọ́ọ̀mù, òfin `post_max_size` ni kí ẹ fura sí. Mẹ́gábáìtì 8 ni PHP máa ń fi síbẹ̀ tí a kò bá yí i padà. Ẹ̀yin kọ́ ló máa dájọ́ èyí tó jẹ́. Ẹ ṣáà sọ bó ṣe sọnù.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀: “Ṣebí a sanwó fún un? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni màá tún máa ṣe ìdánwò méje?” Òótọ́ ni pé ojúṣe dẹfẹ́lọ́pà ni láti tún un ṣe, ó sì yẹ kó ti fi ìlà tó pọ̀ dán an wò kó tó gbé e fún wa. Ṣùgbọ́n dátà wà lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé abúlé kan ní ilé 120. Òun fi ìlà márùn-ún dán an wò torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé a máa dé 120. Wákàtí kan tí ẹ bá fi wá 82 àti 83 ló máa dín wákàtí tí ẹ máa sanwó fún kù, òun ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ̀, ṣáájú ẹnikẹ́ni, bóyá àwọn dátà tí ẹ ti kó jọ tẹ́lẹ̀ ṣeé gbára lé.

Torí náà, tí fọ́ọ̀mù yín bá jẹ dátà lọ́la, kí ẹ tó ṣí Wáàsáàpù, ẹ wá ìbéèrè mẹ́ta yìí ní ìdáhùn: èwo ni ìkẹyìn tó wọlé tán, èwo ni àkọ́kọ́ tó já, ṣé búráúsà fi í ránṣẹ́? Tí ẹ bá sì ní fọ́ọ̀mù gígùn kan lórí PHP tó ti ń ṣiṣẹ́ “dáadáa” láti ọjọ́ yìí, ẹ lọ ka iye àpótí tó wà nínú èyí tó gùn jù. Tó bá ti ju 1000 lọ, ẹ lọ wo ìlà tó kẹ́yìn.